Owó Tí A Yọ Lẹ́yìn Tí Màmá Ti Ní Òun Kò Ṣe Mọ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin, 2025 ni. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù tí a fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí Wọ́sáàpù. Àwòrán àláàtì báǹkì ló kọ́kọ́ dé: ₦3,500 ti jáde. Ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti tẹ̀ ẹ́ pé mi ò ṣe mọ́. Ẹ tún wá yọ owó mi lónìí. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Màmá tó kọ ọ́ ń gbé ní Òṣogbo, ọmọ rẹ̀ wà ní SS3. Iṣẹ́ wa ni pé a ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìbéèrè ọdún tó ti kọjá láti fi múra ìdánwò Wáẹ̀kì sílẹ̀ lórí fóònù, ₦3,500 lóṣù kan. Òbí á fi káàdì san lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà náà lọ ètò wa ló ń yọ owó fúnra rẹ̀ ní oṣooṣù. Nọ́ńbà káàdì kò sí lọ́wọ́ wa o. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó ló ń tọ́jú rẹ̀, àmì kan lásán ni wọ́n fún wa tí a fi ń sọ fún wọn pé, "Ẹ yọ ₦3,500 nínú káàdì tó ni àmì yìí." Èmi ni mo ń bójú tó apá tó kan owó, nítorí náà ọwọ́ mi ni ẹ̀sùn náà já sí.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé bóyá màmá kò tẹ bọ́tìnnì náà dé ìdí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀: èèyàn á tẹ "fagi lé", ojú ìwé á tún béèrè bóyá ó dá a lójú, á sì ti pa fóònù dé. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ètò náà kí n tó fèsì, orí mi sì bá mi ṣe é, nítorí ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
2025-03-28 06:00  attempt 1  declined  51
2025-03-29 06:00  attempt 2  declined  51
2025-03-31 06:00  attempt 3  declined  51
2025-03-31 20:47  cancel_at_period_end = true
2025-04-02 06:00  attempt 4  declined  51
2025-04-04 06:00  attempt 5  approved  00
```

Òótọ́ ni màmá sọ. Alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kù ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ló ti ní òun kò ṣe mọ́. Ètò wa gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tún lọ kan ilẹ̀kùn báǹkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ilẹ̀kùn ṣí.

Kí n ṣàlàyé nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún, nítorí òun ni ètò fi ń mọ ohun tó kàn. Báǹkì tó fún èèyàn ní káàdì kì í kàn dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá", ó máa ń fi nọ́ńbà sọ ìdí. 00 ni pé owó ti jáde. 51 ni pé owó tó wà nínú àpò kò tó. 91 ni pé wọn kò rí báǹkì náà bá sọ̀rọ̀ lásìkò náà. Àwọn méjì yìí lè dára lọ́la, ó sì bọ́gbọ́n mu kí a tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n 54, pé ọjọ́ káàdì ti kọjá, tàbí 41 àti 43, pé káàdì ti sọnù tàbí wọ́n ti jí i, kò sí iye ìgbà tí a lè kan ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Ẹni tó bá ń tún káàdì bẹ́ẹ̀ gbìyànjú ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ báǹkì ni. Kódà fún irú 51 pàápàá, Visa ní òfin pé ìgbìyànjú kò gbọdọ̀ ju 15 lọ láàárín 30 ọjọ́. Tiwa kò sún mọ́ ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ tí oṣù tuntun oníbàárà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje sí i. Ọjọ́ méje yẹn la ń pè ní ọjọ́ sùúrù: owó kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n a kò tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà, ó ṣì lè máa ṣe ìbéèrè rẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ keje bá kọjá tí owó kò wọlé, ètò á ti í.

Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí màmá: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti rí i pé ẹ ti fagi lé e lálẹ́ ọjọ́ Ajé lóòótọ́. Ẹ̀bi wa ni. Owó yín ń padà bọ̀." Mo wá jókòó láti wá ohun tó fà á.

Ìbéèrè tó wà níwájú mi kì í ṣe kékeré. Kí ni "fagi lé" ń ṣe gan-an nínú ètò wa? Ìlà méjì péré ni:

```python
def cancel(sub):
    sub.cancel_at_period_end = True
    sub.save()
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: oníbàárà ní òun kò ṣe mọ́, ẹ jẹ́ kó lo oṣù tó ti san owó rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ẹ má ṣe kọ bílì tuntun fún un. Òfin tó dára ni, nígbà tí oníbàárà bá ti san owó. Ẹni tó san ní ọjọ́ kìn-ín-ní tó fagi lé e ní ọjọ́ kẹwàá ṣì ní ogún ọjọ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a dán bọ́tìnnì yìí wò kí a tó gbé e jáde, irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fi dán an wò.

Màmá kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ 28 oṣù kẹta, kí ètò tó kan sí báǹkì rárá, ó ti kọ́kọ́ ṣe ohun kan: ó kọ bílì tuntun, ó sì sún òpin oṣù màmá síwájú láti 28 oṣù kẹta sí 28 oṣù kẹrin. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí bílì gbọ́dọ̀ mọ àsìkò tí ó wà fún. Báǹkì wá ní owó kò tó. Bílì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n òpin oṣù ti lọ sí 28 oṣù kẹrin, kò sì sí ohun tó dá a padà.

Nítorí náà, nígbà tí màmá tẹ "fagi lé" ní ọjọ́ Ajé, ohun tí ètò gbọ́ ni pé: "Mò ń dúró títí di 28 oṣù kẹrin, lẹ́yìn náà mo ń lọ." Bí ó bá sì ń dúró títí di ìgbà náà, a jẹ́ pé ó jẹ wá ní oṣù náà. Apá ètò tó ń tún owó gbìyànjú kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fagi lé ohunkóhun. Bílì nìkan ló ń wò, kì í wo ẹni tó ni ín:

```python
due = bills.filter(status="open", next_attempt__lte=now)
```

Mo padà lọ wo ojú ìwé tó jáde fún màmá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́ pé, "A ti fagi lé e. Ẹ lè máa lò ó títí di 28/04/2025." Ẹni tó kà á, bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo máa rò pé wọ́n ṣe mí lóore ni. Kò sí gbólóhùn kankan tó sọ pé a ṣì máa yọ ₦3,500 nítorí oore yìí.

Bọ́tìnnì kò ṣe ohun tí a kò ní kó ṣe. Bílì náà bẹ́ẹ̀, ìgbìyànjú náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára ní àyè tirẹ̀, àárín wọn ni ihò wà, ihò náà kò sì ju ọjọ́ méje lọ. Ẹni tó bá fagi lé e ṣáájú ọjọ́ ìtúnsan kò lè já sínú rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ sùúrù rẹ̀ ti parí kò lè já sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìgbà wo ni òbí máa ń ronú pé òun fẹ́ dáwọ́ dúró? Ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wa bá ń wọlé sí i ṣáá pé owó rẹ̀ kò tó ni, nínú ọjọ́ méje yìí gan-an. Ihò náà kéré, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọjà ló wà. Nígbà tí mo wá àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ti màmá láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, mo rí àwọn mẹ́fà mìíràn tí a yọ owó wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fagi lé e. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó pè wá. Ìyẹn dùn mí ju ti màmá lọ.

Ohun kejì wà tí n kò wá, tí ó sì bọ́ sí mi lójú. Kí ló dé tí káàdì tó ti ń san láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá láìsí wàhálà fi kọ̀ lójijì ní oṣù kẹta? Mo to àwọn ọjọ́ tí bílì rẹ̀ bọ́ sí sílẹ̀: 31 oṣù kẹwàá, 30 oṣù kọkànlá, 30 oṣù kejìlá, 30 oṣù kìn-ín-ní, 28 oṣù kejì, 28 oṣù kẹta. Ọjọ́ náà ń yọ̀ sẹ́yìn. Oṣù kọkànlá kò ní 31, ètò fà á sí 30, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kejìlá dé, tó ní 31, kò padà síbẹ̀. Oṣù kejì fà á sí 28, ó sì dúró síbẹ̀ lóṣù kẹta, bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti orí àkàbà tí kò rántí gùn ún padà. Orí ọjọ́ tó kọjá ni a ti ń ka oṣù kan sí i, a kì í kà á láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé:

```python
next_date = last_date + relativedelta(months=1)   # ó ń yọ̀
next_date = anchor + relativedelta(months=n)      # ó dúró
```

Ìlà kejì ló tọ́. Bí a bá ti ń kà á láti 31 oṣù kẹwàá, oṣù kẹta á bọ́ sí 31 rẹ̀, oṣù kejì nìkan ni yóò jẹ́ 28. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kò lè rí àṣìṣe yìí láé. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní 29, 30 àti 31 nìkan ló ń jẹ ẹ́, àwọn yìí kan náà ló sì máa ń forúkọ sílẹ̀ ní ìparí oṣù nítorí ìgbà náà ni owó oṣù wọlé.

Màmá sọ fún mi lórí fóònù nígbà tó yá pé 29 ni ibi iṣẹ́ òun máa ń sanwó, pé oṣù kejì nìkan ló yàtọ̀, àjọ tí òun kó ló wà nínú àpò nígbà náà. Nítorí náà, títí di oṣù kìn-ín-ní, ètò wa ń dé lẹ́yìn owó oṣù. Láti oṣù kejì, ó ń dé ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kẹta yẹn, 29 tún bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ sì wà lọ́nà. Ìjọba fi ọjọ́ Ajé 31 àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe ìsinmi. Ọ̀sán Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin, ni owó oṣù tó wọlé. Ìgbìyànjú kẹrin wa ti kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà, wákàtí díẹ̀ ṣáájú.

Kí n má parọ́, títún ọjọ́ ṣe nìkan kò ní kí owó wọlé ní ẹsẹ̀ kan náà lóṣù yẹn. Bó bá jẹ́ 31 la kọ́kọ́ gbìyànjú, ìsinmi ni, owó kò tíì dé. Ìgbìyànjú ọjọ́ kìn-ín-ní á tún kùnà. Ti ọjọ́ kẹta, 3 oṣù kẹrin, ni ìbá wọlé. Màmá ìbá gba àtẹ̀jíṣẹ́ méjì dípò mẹ́rin. Bóyá kò ní bínú tó láti fagi lé e, bóyá á sì bínú náà.

Lẹ́yìn èyí ni àríyànjiyàn wa bẹ̀rẹ̀. A kò pọ̀ ní ọ́fíìsì, mẹ́ta péré ni wá, ọ̀gá wa sì mọ owó kà. Ó ní, "A ó dá owó padà, mi ò jà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣe ìdánwò méjì lórí rẹ̀ ní 29 àti 30. Ṣé ọ̀fẹ́ ni?" Ó ní kí a yọ owó ọjọ́ mẹ́rin kúrò, láti 28 sí 31, kí a dá ìyókù padà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ₦3,500 pín sí 31, ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦452.

N kò fara mọ́ ọn, kì í sì ṣe nítorí pé owó náà kéré. Ohun tí a kọ sínú àdéhùn ni pé ẹni tí káàdì rẹ̀ bá kùnà yóò ní ọjọ́ méje láti tún un ṣe. A kò kọ ọ́ níbì kankan pé a ó ka ọjọ́ náà sí gbèsè. Ẹni tó jẹ́ kí ọjọ́ méje parí láìsan, a kì í lé e fún ọjọ́ méje tó lò, ṣe la kàn ń ti í. Báwo ni ẹni tó sọ òtítọ́ fún wa ní ọjọ́ kẹrin pé òun ń lọ yóò ṣe wá san, tí ẹni tó dákẹ́ títí di ọjọ́ keje kò ní san? Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, lọ́yà."

Ohun kan ṣì wà tí kò padà: owó iṣẹ́ tí àwọn tó ń bá wa gba owó yọ nígbà tí ₦3,500 wọlé. Ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100 ni, ₦152.50. Èèyàn á dá gbogbo owó padà fún oníbàárà, àwa la máa ru ìyẹn. Síbẹ̀ ó sàn ju kí màmá lọ bá báǹkì rẹ̀ pé òun kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti yọ owó òun. Bí ó bá lọ, àkọsílẹ̀ tí mo fi hàn lókè yìí ni wọn yóò ní kí a mú wá, ìlà kẹrin rẹ̀ á sì dá wa lẹ́bi.

Àtúnṣe tí a ṣe kò gùn. Bọ́tìnnì ń kọ́kọ́ béèrè nísinsìnyí bóyá bílì kan wà ní ṣíṣí:

```python
def cancel(sub):
    bill = sub.open_bill()
    if bill:
        bill.void()
        sub.end_now()
    else:
        sub.cancel_at_period_end = True
    sub.save()
```

Ẹni tó ti san, á lo oṣù rẹ̀ tán bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọjọ́ sùúrù, bílì rẹ̀ á di òfo lójú ẹsẹ̀, ìgbìyànjú á dúró, ilẹ̀kùn á sì tì lọ́jọ́ náà. Ojú ìwé náà ń sọ ọ́ kedere kó tó tẹ ẹ́: "Ẹ kò tíì san ti oṣù yìí. Bí ẹ bá fagi lé e, yóò parí nísinsìnyí, a kò sì ní yọ owó kankan." Àwọn kan máa ń padà sẹ́yìn níbẹ̀ nítorí ọmọ wọn ní ìdánwò lọ́la. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń yàn, ìyẹn ló kàn mí.

Ibi tó le díẹ̀ ni bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì nígbà tí ìgbìyànjú ti kúrò lọ́wọ́ wa tí báǹkì kò sì tíì fèsì. A kò lè pe ọ̀rọ̀ tó ti jáde padà. Ohun tí a ń ṣe ni pé ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a fún un kó tó lọ. Bí a bá fagi lé e láàárín, ètò á dúró, á fi nọ́ńbà náà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa gba owó. Bó bá jẹ́ 00, á dá owó náà padà fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹ̀sùn. A kì í ka àìfèsì sí ìkùnà, nítorí báǹkì lè ti yọ owó kí ìdáhùn rẹ̀ tó sọnù lọ́nà.

A tún yí aago padà. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e di aago méje alẹ́, nígbà tí owó tó bá fẹ́ wọlé lọ́jọ́ náà ti wọlé. Bí ọjọ́ ìgbìyànjú bá sì bọ́ sí ìsinmi ìjọba, ètò á sún un sí ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn, ọjọ́ sùúrù á sì gùn pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ àwọn ọjọ́ ìsinmi sínú rẹ̀, nítorí ti ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ àti ọdún Iléyá, èèyàn kì í mọ̀ ọ́n dájú títí ìjọba á fi kéde. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà dín kù sí méjì: ọ̀kan nígbà tó kọ́kọ́ kùnà, ọ̀kan nígbà tó bá ku ọjọ́ kan. Àwọn tí ọjọ́ wọn ti yọ̀ sẹ́yìn, a dá wọn padà sí ọjọ́ tí wọ́n fi wọlé, a kò sì gba owó ọjọ́ tó lé ní àárín lọ́wọ́ wọn.

Àwọn mẹ́fà yẹn gba owó tiwọn náà. Ẹnì kan nínú wọn fèsì pé òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé a yọ ọ́.

Ti màmá dé ọwọ́ rẹ̀ ní 10 oṣù kẹrin. Ó fi àwòrán àláàtì ránṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, ó ní, "Ó ti wọlé. Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún kọ ọ̀rọ̀ míì: "Ọmọ yìí ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fi káàdì mi síbẹ̀ mọ́ o. Ṣé mo lè máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín fúnra mi, oṣù kan, oṣù kan?"

A kò ní irú rẹ̀ nígbà náà. Mo ní kó fi ránṣẹ́, mo sì fi ọwọ́ ṣí i fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn.